Wákàtí wo ni kí gbogbo tíìmù jọ wà lórí ìlà? Ẹ bá mi dá sí i

Asíwájú_Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́fà la jọ ń ṣiṣẹ́ áàpù kan, kálukú láti ilé ẹ̀, kálukú ló ń yan àsìkò tó bá a lára mu. Mẹ́rin wà n'Ìbàdàn níbí, ọ̀kan wà ní Nàìróbì, ọ̀kan ní Tòróńtò. Bí èèyàn bá bèèrè nǹkan lónìí, ọ̀la ló máa rí èsì. Mo wá fẹ́ fi òfin sí i pé láti aago 10 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà. Wọ́n ti ń kùn. Ṣé èmi ni mo le jù ni, àbí àwọn ni wọ́n ń ṣọ̀lẹ?

---

Ẹ̀gbọ́n_Mọ́kọ́lá

Àbúrò, o ò tíì le, o ò tíì ṣírò ni. Aago 10 àárọ̀ tìẹ yẹn, aago mélòó ló jẹ́ ní Tòróńtò? Nígbà òtútù tá a wà yìí, wákàtí 6 la fi ṣíwájú wọn, ìyẹn ni pé aago 4 ìdájí ni kí ẹni yẹn dìde kó máa wo ojú ẹ lórí Súùmù. Nígbà tí ìwọ bá fi máa ṣíwọ́ ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, aago 10 àárọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù lọ́dọ̀ tiẹ̀. Bó bá jẹ́ aago 9 ló máa ń jókòó síbi iṣẹ́, wákàtí 6 tó o fi ṣe òfin yẹn, 1 péré ló kàn án nínú ẹ̀. Márùn-ún tó kù, o kàn fi ń bá mẹ́ta tó wà n'Ìbàdàn pẹ̀lú ẹni Nàìróbì jà ni.

Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ mánéjà tó bá fẹ́ dá wákàtí àpapọ̀ sílẹ̀, ọ́físì ni wọ́n fẹ́ gbé padà wá. Wákàtí àpapọ̀ kì í ṣe wákàtí iṣẹ́. Àsìkò tí mo lè bi ẹ́ ní ìbéèrè kí n sì rí èsì kí tíì mi tó tutù ni. Bó bá ti gùn ju ohun tí ìbéèrè yín tó lọ, ìṣọ́ lo ń fi èèyàn ṣe yẹn.

---

Kóòdù_Lásán

Èmi ò rí ìdí tí ẹ fi ń da ara yín láàmú. Kò yẹ kí wákàtí kankan wà. Ẹ kọ ohun gbogbo sílẹ̀, kí ẹni tó bá jí kà á, kó fèsì, kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ báyìí, mi ò wọ mítìn ju méjì lọ lóṣù. Bó bá sì pọn dandan ṣáá, ẹ lo aago Lọ́ńdọ̀nù, torí aago wa pẹ̀lú tiwọn dọ́gba, kò sí wàhálà.

---

Ẹ̀gbọ́n_Mọ́kọ́lá

@Kóòdù_Lásán ìdajì ẹ̀ lo sọ. Aago wa pẹ̀lú ti Lọ́ńdọ̀nù máa ń dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta títí dé Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá ni. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á dá tiwọn padà sẹ́yìn, àwa á wá fi wákàtí 1 ṣíwájú. Tiwa kì í yẹ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, bó ṣe wà ní oṣù kìíní náà ló wà ní oṣù kẹfà. Kí ló wá dé tá a máa fi aago tó ń rìn de ti ara wa tó dúró?

Lórí pé kí ẹ kọ ohun gbogbo sílẹ̀, mo fara mọ́ ọn títí dé ibì kan. Iṣẹ́ tí èèyàn lè dá ṣe délẹ̀, kíkọ sílẹ̀ tó o. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìbéèrè kan ń bí èkejì, bíi kí kọ́sítọ́mà sọ pé owó òun ò wọlé, kí ẹni tó gbọ́ bi ẹni tó kọ kóòdù, kíyẹn ní kó lọ bá òun bèèrè ọjọ́ tó san án, kó tún padà wá, kó ní kó fi nọ́ńbà ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 10 á fi di ọjọ́ mẹ́rin. Ohun tí wákàtí àpapọ̀ wà fún nìyẹn.

---

Nọ́ọ̀sì_Àdéọ̀yọ́

Ẹ má bínú o, ṣé ẹ̀yin náà máa ń gbowó wákàtí tẹ́ ẹ fi kún un ni? Torí níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, tí ẹni alẹ́ bá pẹ́ kó tó dé, ẹni ọ̀sán ló máa dúró, kò sì sí kọ́bọ̀ kankan lórí ẹ̀. Mo bá wọn fà á títí ó sú mi.

---

Asíwájú_Bódìjà

Ẹ ṣé mà, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ni mò ń bèèrè o. Àwa kì í ṣe ṣífìtì, kò sẹ́ni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan.

---

Nọ́ọ̀sì_Àdéọ̀yọ́

Hẹn, ó yé mi wàyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan kún un kí n tó lọ. Lọ́dọ̀ wa tá a bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa, a kì í jókòó wákàtí kan. Bẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì la máa ń rìn, ẹni tó ń lọ á sọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà nìkan, èyí tó wà nínú fáìlì, ìwọ lọ kà á. Bẹ́ ẹ bá jókòó ti ara yín tẹ́ ẹ wá ń kà fáìlì fún ara yín, ilẹ̀ á ṣú.

---

Ẹ̀gbọ́n_Mọ́kọ́lá

Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ o, mo ṣì máa padà sórí ìyẹn.

Asíwájú, kó o tó yan aago kankan, ṣe nǹkan méjì fún mi. Àkọ́kọ́, ní kí kálukú kọ wákàtí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, kì í ṣe èyí tó rò pé o fẹ́ gbọ́. Kó o wá yí gbogbo ẹ̀ sí aago Ìbàdàn. Ìkejì, lọ ka ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ara yín sọ lórí Sílákì láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kó o fa ìbéèrè tó sùn mọ́jú láìrí èsì yọ, kó o kọ orúkọ ẹni tó bèèrè àti ẹni tó yẹ kó dáhùn. Gbé e wá síbí.

---

Ìyá_Ìbejì

Ẹ jẹ́ kí èmi náà fi tèmi sílẹ̀ kí ẹ tó máa ṣírò. Ọ̀gá wa tẹ́lẹ̀ mú aago 1 sí aago 3 ọ̀sán, ó ní àárín ọjọ́ ni, ó bọ́ sí gbogbo èèyàn lára. Gbogbo èèyàn wo? Aago 2 ni iléèwé àwọn ọmọ mi ń jáde. Mo máa ń wà lẹ́nu géètì iléèwé, fóònù á wà létí mi kan, Táyé á máa fa aṣọ mi, Kẹ́hìndé á ní òun ò rí igò omi òun, ọ̀gá á ní "madam, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa ariwo yẹn". Ọjọ́ Ẹtì ló wá burú jù torí àwọn tó ń lọ kírun Jímọ̀ náà ò sí níbẹ̀, mánéjà á wá máa bèèrè pé kí ló dé tí ìdajì ò sí lórí ìlà. Kò bèèrè kó tó yan án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì wà fún àwọn abiyamọ, ẹ rántí pé aago géètì kì í yẹ̀.

---

Asíwájú_Bódìjà

Mo ti ṣe é. Ẹ wò ó, aago Ìbàdàn ni gbogbo ẹ̀:

Èmi, 9 àárọ̀ sí 5 ìrọ̀lẹ́.
Ẹni tó ń kọ kóòdù iwájú, Àpáta ló ń gbé, 11 àárọ̀ sí 7 alẹ́.
Ẹni tó ń ya àwòrán, Ẹlẹ́yẹlé, 2 ọ̀sán sí 6 ìrọ̀lẹ́, yóò tún padà ní 9 alẹ́ títí di 1 òru. Ó ní òru ni orí òun ń ṣiṣẹ́.
Ẹni tó ń dán an wò, Baṣọ̀run, 6 àárọ̀ sí 1 ọ̀sán, kó lọ gbé ọmọ, kó padà ní 3 sí 4 ààbọ̀.
Ẹni tó ń kọ kóòdù ẹ̀yìn, Nàìróbì, 8 àárọ̀ sí 5 ìrọ̀lẹ́ tiwọn, tó jẹ́ 6 àárọ̀ sí 3 ọ̀sán tiwa.
Ẹni tó ń bá kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀, Tòróńtò, 9 àárọ̀ tiwọn, tó jẹ́ 3 ọ̀sán tiwa, títí lọ.

Ìbéèrè tó sùn jẹ́ 11. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyí: 8 nínú ẹ̀, láàárín Nàìróbì àti Tòróńtò ni. Méjì jẹ́ ti èmi pẹ̀lú ẹni Ẹlẹ́yẹlé, ọ̀kan jẹ́ ti ẹni Baṣọ̀run pẹ̀lú ẹni Àpáta, iná ló fa ìyẹn.

---

Ẹ̀gbọ́n_Mọ́kọ́lá

Ó ti tán nìyẹn, ó kù kó o rí i.

Àwọn mẹ́rin tó wà n'Ìbàdàn, wọn ò ní ìṣòro. Wo ẹni Àpáta pẹ̀lú ẹni Ẹlẹ́yẹlé, láti aago 2 sí 6 ni wọ́n jọ wà nílẹ̀, wákàtí 4. Ẹni Baṣọ̀run pẹ̀lú ẹni Àpáta, 11 sí 1, àti 3 sí 4 ààbọ̀, wákàtí 3 ààbọ̀. Ìwọ náà wà nílẹ̀ pẹ̀lú wọn. Òfin 10 sí 4 tó o fẹ́ ṣe, àwọn tí kò ṣàìsàn lo fẹ́ fún lóògùn.

Ẹni Nàìróbì ń pa láptọ́ọ̀pù dé ní aago 3 ọ̀sán wa, aago 3 gan-an ni ti Tòróńtò ń ṣí tiẹ̀. Wọ́n ń kọjá lára ara wọn lẹ́nu ọ̀nà ni. Wákàtí òfo. Ohun tí ọ̀rọ̀ yín nílò ò ju pé kí ẹni kan nínú àwọn méjì yìí sún díẹ̀. Tí Tòróńtò bá sún síwájú, aago 8 àárọ̀ ni, nínú òtútù, kó tó rí tíì mu ni. Tí Nàìróbì bá dúró, aago 5 sí 6 ìrọ̀lẹ́ ni.

Ohun tí èmi máa ṣe: gbogbo tíìmù, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 sí 4 ọ̀sán. Ẹni Baṣọ̀run ti dé láti iléèwé, ẹni Ẹlẹ́yẹlé ti jí, Jímọ̀ ò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, Nàìróbì pẹ̀lú Tòróńtò nìkan, ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, 3 sí 3 ààbọ̀. Ẹlòmíràn ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ àfi tí wọ́n bá pè é. Ẹni Nàìróbì ti fún yín ní wákàtí 2 lọ́sẹ̀ báyìí, dá a padà fún un, kó ṣíwọ́ ní aago 3 tiwọn lọ́jọ́ Ẹtì dípò 5. Má ṣe é ní ojúrere o, kọ ọ́ sínú kálẹ́ńdà kí gbogbo èèyàn rí i, torí bó ò bá kọ ọ́, ẹnì kan á fi mítìn síbẹ̀ kí oṣù tó parí.

Kó o sì sọ ohun tí wákàtí yẹn túmọ̀ sí. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tá a sọ ni pé bí mo bá bi ẹ́ ní nǹkan nínú wákàtí yẹn, o ní ìṣẹ́jú 10 láti dáhùn, kódà kó jẹ́ "mi ò mọ̀, màá wò ó". Kò pọn dandan kí kámẹ́rà wà ní ṣíṣí, kò pọn dandan kí mítìn wà rárá.

---

Kóòdù_Lásán

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i pé ohun tí mo sọ náà lẹ sọ padà? Wákàtí 1 lọ́sẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ó kù díẹ̀ kó di òfo.

---

Ẹ̀gbọ́n_Mọ́kọ́lá

Ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò jọ ọ́. Òfo ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ìbéèrè 8 sì sùn.

---

Ọmọ_Mápó

Tòróńtò ni mo wà, ẹ jẹ́ kí ẹni tọ́rọ̀ kàn sọ̀rọ̀. Ẹ ní aago 9 tiwa ni mítìn máa bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ aago 9 náà lẹni yẹn ń jókòó. Ìyẹn ni pé ẹni tó wà ní Nàìróbì ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, ó ti kó ìbéèrè jọ rẹpẹtẹ, èmi ò tíì ṣí ímeèlì kan. Mo ti wà nípò yẹn. Gbogbo ohun tí wọ́n bá bi mí, "màá wò ó" ni mò ń sọ, torí lóòótọ́ mi ò tíì wò ó. Ní tèmi, ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ yẹ kó jẹ́ ti kíkà, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀.

---

Ìyá_Ìbejì

Èyí bọ́gbọ́n mu o. Ó bá ti àǹtí nọ́ọ̀sì mu.

---

Ẹ̀gbọ́n_Mọ́kọ́lá

Òun ni mo ní mo máa padà sórí ẹ̀. Kí ẹni Nàìróbì kọ ohun tó yí padà sílẹ̀ ní aago 2 ààbọ̀ ọ̀sán wa, ìlà mẹ́ta mẹ́rin, èyí tó ń dúró de èsì nìkan. Ẹni Tòróńtò á bá a níbẹ̀, á fi ìṣẹ́jú 10 kà á, ìṣẹ́jú 20 tó kù ni wọ́n á fi sọ̀rọ̀. Tí ìlà yẹn bá ṣófo, kí wọ́n má pàdé rárá.

---

Asíwájú_Bódìjà

Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ iná wá ńkọ́? Ẹni Àpáta ní òun ò lè ṣèlérí aago kankan, torí iná ò ní déètì.

---

Ìyá_Ìbejì

Tó bá jẹ́ wákàtí 1 lọ́sẹ̀, àwáwí nìyẹn. Kó gba agbára pamọ́ sínú láptọ́ọ̀pù láti àárọ̀, kó tan dátà fóònù, kó wọlé. Bó bá jẹ́ wákàtí 6 lójoojúmọ́ tó o fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀ á bọ́gbọ́n mu, torí ta ló fẹ́ máa da epo sí jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí 6 nítorí kí iná aláwọ̀ ewéko lè máa tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀ lórí Sílákì?

---

Ẹ̀gbọ́n_Mọ́kọ́lá

Háà, ìyá ìbejì, ẹ ti pa á. Màá kàn fi kún un pé ọ̀rọ̀ tó bá wáyé nínú wákàtí náà, kí ẹnì kan kọ ìpinnu ẹ̀ sílẹ̀ kó tó ṣíwọ́, kí ẹni tí iná mú lọ lè kà á. Asíwájú, má jẹ́ kó jẹ́ ìwọ ni wàá máa kọ ọ́ nígbà gbogbo.

---

*Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan*

---

Asíwájú_Bódìjà

Ẹ̀yin ará, mo padà dé, mo mú ìròyìn wá, ó dùn ó sì korò.

Ti Nàìróbì pẹ̀lú Tòróńtò, iṣẹ́ ni. Láàárín oṣù kan, ìbéèrè tó sùn láàárín àwọn méjèèjì ti di méjì. Ọjọ́ kan wà tí wọn ò pàdé rárá torí ìlà ṣófo, mo kọ́kọ́ bínú, mo tún rò ó pé ohun tá a fẹ́ náà nìyẹn.

Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kọ́kọ́ bàjẹ́, èmi ni mo sì bà á jẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo fi wákàtí náà ṣe mítìn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kálukú ń sọ ohun tó ṣe látàná, nígbà tó fi máa di aago 4 ẹni Nàìróbì ti lọ, ẹnikẹ́ni ò bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Mo gé e sí ìṣẹ́jú 15, 45 tó kù kálukú wà ní ṣíṣí, ẹni tó bá fẹ́ pe ẹnì kan á pè é.

Èyí tó wá dà mí láàmú ni ti ọ̀sẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kẹta, aago 2 ọ̀sán ni kálẹ́ńdà dún! Mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹni Baṣọ̀run wà lẹ́nu géètì, ó wọlé láti orí fóònù, a ń gbọ́ ariwo kéke. Ó rò pé mo yí i láìsọ fún òun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má bá mi sọ̀rọ̀.

---

Ẹ̀gbọ́n_Mọ́kọ́lá

Ta ló dá ìpàdé yẹn sílẹ̀ nínú kálẹ́ńdà? Mo lè fi abọ́ ẹ̀wà agoyin kan ta tẹ́tẹ́ pé ẹni Tòróńtò ni.

---

Asíwájú_Bódìjà

Òun ni. Báwo lẹ ṣe mọ̀?

---

Ẹ̀gbọ́n_Mọ́kọ́lá

Torí wọ́n sún aago wọn síwájú ní Sọ́ńdè, 8 oṣù kẹta. Sọ́ńdè kejì oṣù kẹta ni wọ́n máa ń sún un lọ́dọọdún, Sọ́ńdè kìíní oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ń dá a padà. Ìpàdé tó ń wá léraléra, aago ìlú ẹni tó dá a sílẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé bí kò bá yí i. Tòróńtò ló dè é mọ́, 9 àárọ̀. Ní oṣù kejì 9 àárọ̀ wọn jẹ́ 3 ọ̀sán wa, láti Sọ́ńdè yẹn ó di 2. Lọ́dọ̀ tiwọn nǹkan kan ò yí, ìdí nìyẹn tí kò fi sọ fún ẹ, òun ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Bó o bá ní Línọ́ọ̀sì lórí kọ̀ǹpútà ẹ, fúnra ẹ wò ó. Ìbàdàn ò ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé aago, Africa/Lagos la ń jẹ́:

```
TZ=America/Toronto date -d 'TZ="Africa/Lagos" 2026-03-03 15:00' +%H:%M
TZ=America/Toronto date -d 'TZ="Africa/Lagos" 2026-03-10 15:00' +%H:%M
```

Àkọ́kọ́ á fún ẹ ní 09:00, ìkejì á fún ẹ ní 10:00. Aago 3 ọ̀sán kan náà n'Ìbàdàn.

Pa ìpàdé ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn rẹ́, kó o dá òmíràn sílẹ̀ fúnra ẹ, kó o rí i pé Africa/Lagos ló wà lára ẹ̀. Aago 3 wa á dúró gbọn-in, ẹni Tòróńtò á kàn máa wọlé ní 10 àárọ̀ tiẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, kò sì ní pa á lára, á tilẹ̀ ti ka ímeèlì ẹ̀.

---

Kóòdù_Lásán

Ṣé ẹ rí i, kí gbogbo ẹ̀ kúkú tẹ̀ lé aago Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ bùṣe.

---

Asíwájú_Bódìjà

Mo fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ náà, àmọ́ ẹni Nàìróbì ló ní kí n má dán an wò. Ó ní ti àwọn méjèèjì, ti ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, tó bọ́ sí aago 2 ọ̀sán wa yẹn, aago 4 ìrọ̀lẹ́ tòun ni, inú wákàtí iṣẹ́ òun náà ló wà, òun ò tún nílò láti dúró lẹ́yìn aago 5 mọ́. Ó ní bí mo bá dá a padà sí 3, òun á bínú.

---

Ẹ̀gbọ́n_Mọ́kọ́lá

Òótọ́ ló sọ o! Mi ò rò ó dé ibẹ̀ rárá, kí n má purọ́. Ṣé ẹ rí i, ìpàdé méjèèjì ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé aago kan náà. Ti gbogbo tíìmù, ẹni tí kò lè yẹ̀ ni ẹni Baṣọ̀run nítorí géètì, aago Ìbàdàn ni kó tẹ̀ lé. Ti àwọn méjì, ẹni tó ń pẹ́ dé ni ti Tòróńtò, kò sì sí ọmọ iléèwé lọ́rọ̀ ẹ̀, jẹ́ kí tiwọn máa tẹ̀ lé America/Toronto. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó, Nàìróbì á rí ìsinmi, nígbà òtútù á tún máa dúró di aago 5 ààbọ̀.

---

Ìyá_Ìbejì

Wákàtí tẹ́ ẹ dá padà fún un lọ́jọ́ Ẹtì wá ńkọ́? Wákàtí 1 nínú 2 yẹn, kò fún yín mọ́ báyìí. Ṣé ẹ máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni?

---

Asíwájú_Bódìjà

Ìyẹn ni mi ò tíì mọ ojútùú ẹ̀. Ìṣirò ní kó ṣíwọ́ ní aago 4 tiwọn lọ́jọ́ Ẹtì títí di oṣù kọkànlá. Àmọ́ ó ti sọ fún mi pé ọjọ́ Ẹtì yẹn lòun fi ń lọ kí ìyá òun, ọ̀nà sì jìn.

---

Ọmọ_Mápó

Bọ̀dá, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

---

Kóòdù_Lásán

Tó bá fi í sílẹ̀ fún un, ẹni Àpáta náà á bèèrè tiẹ̀.

---

Ẹ̀gbọ́n_Mọ́kọ́lá

Kó bèèrè. Kò tíì dúró lẹ́yìn iṣẹ́ lọ́jọ́ kankan. Asíwájú, èyí ò sí lọ́wọ́ aago mọ́, ìwọ àti òun ni kí ẹ jọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé, kó o sì lọ bẹ ẹni Baṣọ̀run.

---

Asíwájú_Bódìjà

Mo ti tún un ṣe. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kí n fi sínú Wasáàpù náà, torí òun ò tún gba kálẹ́ńdà gbọ́ mọ́.